Bí A Ṣe Ń Tún Àkáǹtì Ọjà Ṣe Nígbà Tí Ọjà Bá Dín ní Ìparí Ọdún

Bí a bá ka ọjà inú ṣọ́ọ̀bù ní ìparí ọdún, tí iye tí a kà kò sì tó iye tí ìwé sọ, ohun méjì ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò máa ń sáré ṣe. Wọ́n á ní wọ́n ti jí ọjà kó, wọ́n á sì fi ìlà kan ṣoṣo kọ gbogbo ohun tó dín sílẹ̀ bí àdánù, kí ìwé lè bá kíkà mu kíákíá. Méjèèjì ló yá jù. Nínú ohun tí ìwé fi ju kíkà lọ, a máa ń rí ọjà tí a ti tà tí a kò tíì kọ, ọjà tí a ti dá padà fún ẹni tí a rà á lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ gbé lọ sílé, àti èyí tó wà nílẹ̀ gan-an àmọ́ tí àwọn tó ń ka ọjà kò rí. Olúkúlùkù wọn ló ní ibi tí a ń kọ ọ́ sí. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí a ti yọ gbogbo wọn kúrò nìkan ni àdánù.

Àpẹẹrẹ tí a ó lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni ti ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìbàdàn tó ń ta ọjà oúnjẹ ní páálí àti ní àpò fún àwọn alágbàtà. Ọdún ìṣirò rẹ̀ parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2024. Ó ní káàdì fún ọjà kọ̀ọ̀kan, gbogbo ọjà tó bá wọlé àti èyí tó bá jáde ni wọ́n sì ń kọ síbẹ̀, nítorí náà àkáǹtì ọjà inú ìwé ń sọ iye tó yẹ kó wà nílẹ̀ nígbàkigbà. Ní ọjọ́ tí ọdún parí, àkáǹtì náà sọ pé ọjà tí owó ìrà rẹ̀ jẹ́ ₦8,640,000 ló wà nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n kà á, ohun tí wọ́n rí jẹ́ ₦7,953,000. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦687,000.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ rí i pé ọjọ́ kan náà ni ìwé àti kíkà ń sọ nípa rẹ̀

Kò sí bí a ṣe lè fi iye tí a kà ní ọjọ́ kan wé iye tí ìwé sọ ní ọjọ́ mìíràn kí ó má yàtọ̀. Ṣọ́ọ̀bù inú àpẹẹrẹ wa ka ọjà rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ 2 oṣù Kìíní ọdún 2025, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Nítorí pé ilẹ̀kùn wà ní títì ní ọjọ́ 1, tí ọjà kankan kò wọlé tí ọ̀kankan kò sì jáde, iye tí wọ́n kà ní òwúrọ̀ yẹn kan náà ni iye tó wà nílẹ̀ nígbà tí ọdún parí.

Bí ẹ kò bá lè ka ọjà àyàfi lẹ́yìn tí títà ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ní láti ṣírò padà sẹ́yìn. Ẹ mú iye tí ẹ kà, ẹ fi gbogbo ohun tó ti jáde láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní kún un, ẹ sì yọ gbogbo ohun tó wọlé láàárín ìgbà yẹn kúrò. Ká sọ pé ọjọ́ 4 ni wọ́n ka òróró, tí wọ́n bá kẹ́ẹ̀gì 50, tí wọ́n ti ta 9, tí 1 sì wọlé láàárín ìgbà náà, iye tó wà nílẹ̀ ní ìparí ọdún jẹ́ 50 + 9 − 1, èyí tí í ṣe 58. Ẹ ṣọ́ra níbí o, nítorí àwọn ènìyàn a máa fi kún ibi tó yẹ kí wọ́n ti yọ, èyí sì máa ń sọ ìyàtọ̀ kékeré di ìlọ́po méjì.

Kí kíkà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà ìnfọ́ọ̀sì títà tó kẹ́yìn nínú ọdún sílẹ̀, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ìwé ìkójà tó kẹ́yìn tí ẹ fi gba ọjà wọlé. Nọ́ńbà méjì yìí ni yóò jẹ́ ààlà. Ohunkóhun tí nọ́ńbà rẹ̀ bá wà ṣáájú ààlà gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ọdún tó parí, ohun tó bá sì wà lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ ti ọdún tuntun, láìka ọjọ́ tí akọ̀wé ráyè kọ ọ́ sínú ìwé.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ to ìyàtọ̀ náà ní ọjà kọ̀ọ̀kan

₦687,000 kò sọ ohunkóhun fún wa bó ṣe wà yẹn. A ní láti mọ ọjà tó dín, iye tó fi dín, àti bóyá èyí tó lé wà pẹ̀lú. Nínú ṣọ́ọ̀bù wa, ọjà mẹ́rin péré ni kíkà wọn kò bá ìwé mu:

Òróró kẹ́ẹ̀gì lítà 25: ìwé sọ 64, kíkà sọ 58. Ó dín 6, ní ₦60,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦360,000.
Ṣúgà àpò kílò 50: ìwé sọ 40, kíkà sọ 37. Ó dín 3, ní ₦75,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦225,000.
Mílíìkì páálí alágolo 48: ìwé sọ 90, kíkà sọ 84. Ó dín 6, ní ₦27,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦162,000.
Tòmátò alágolo ní páálí: ìwé sọ 30, kíkà sọ 34. Ó lé 4, ní ₦15,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦60,000.

Àpapọ̀ ohun tó dín jẹ́ ₦747,000. Bí a bá yọ ₦60,000 tòmátò tó lé kúrò nínú rẹ̀, a ó padà sí ₦687,000. Àmọ́ ẹ má ṣe fi èyí tó lé dí èyí tó dín kí ẹ tó mọ ìdí méjèèjì. Tòmátò tó lé kò lè sọ ibi tí òróró lọ, bí ẹ bá sì pa wọ́n pọ̀, àṣìṣe méjì tó yàtọ̀ síra ni ẹ ó sin sí ojú kan. Ibi kan ṣoṣo tó ti yẹ kí a fura pé èyí tó lé àti èyí tó dín jọ tan ni ìgbà tí wọ́n bá jẹ́ oríṣi méjì ọjà kan náà, bíi mílíìkì ńlá àti mílíìkì kékeré, tí akọ̀wé sì lè ti kọ ọ̀kan sórí káàdì èkejì.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ tún un kà, kí ẹ tó wo ìwé

Orí kíkà ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló rọrùn jù láti yẹ̀ wò. Kí àwọn ẹlòmíràn tún ọjà mẹ́rin yẹn kà, kí ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n rí iye tí ìwé sọ tàbí iye tí àwọn àkọ́kọ́ rí. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé 90 ni wọ́n ń wá yóò máa kà títí tí yóò fi rí 90.

Mílíìkì ni ó kọ́kọ́ fara hàn. Àwọn tó kà á ní àkọ́kọ́ ka páálí tó wà ní dídì nínú yàrá ìkójàsí, ṣùgbọ́n wọn kò ka agolo tí wọ́n ti tú sórí pẹpẹ ní iwájú ṣọ́ọ̀bù fún àwọn tó ń ra ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n ka agolo wọ̀nyẹn, wọ́n jẹ́ 192. Bí a bá fi 48 pín in, páálí 4 ni. Nítorí náà páálí 2 ló dín ní tòótọ́, kì í ṣe 6.

Ẹ kíyè sí ohun tí a ń tún ṣe níbí. Ìwé kò jẹ̀bi, nítorí náà a kò fọwọ́ kàn án. Ìwé kíkà ni a ń tún ṣe: a fi páálí 4 ní ₦27,000, ₦108,000, kún ₦7,953,000, ó sì di ₦8,061,000. Ẹ má ṣe pa iye àkọ́kọ́ rẹ́. Ẹ fi ìlà kan fà á, ẹ kọ iye tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó tún un kà sì fọwọ́ sí i pẹ̀lú ọjọ́.

Nígbà tí wọ́n bá ń tún un kà náà ni kí wọ́n ya ọjà tó bàjẹ́ sọ́tọ̀. Agolo tó wú tàbí àpò ṣúgà tó ti di òkúta kò dín o, ó ṣì wà nílẹ̀. Ohun tó kù fún wa láti pinnu nípa rẹ̀ ni iye tí a lè rí tà á. Bí iye yẹn bá kéré sí owó ìrà, a ń dín iye rẹ̀ kù nínú ìwé, ṣùgbọ́n ìkọsílẹ̀ mìíràn ni ìyẹn jẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wá ìwé tó wà lẹ́yìn ìyàtọ̀ kọ̀ọ̀kan

Níbí ni iṣẹ́ náà ti pọ̀ jù, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ owó tí a ti ń pè ní àdánù ti máa ń yọjú. Ẹ mú ìnfọ́ọ̀sì títà, ìwé ìkójà, ìwé ìdápadà àti ìwé owó kékeré ti ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣáájú ìparí ọdún àti ti ọ̀sẹ̀ kan tó tẹ̀lé e, kí ẹ sì máa fi wọ́n wé káàdì ọjà kọ̀ọ̀kan.

Tòmátò kò ṣòro. Ẹni tí wọ́n ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ kó páálí 4 wá ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá, ìwé ìkójà rẹ̀ sì wà lábẹ́ ààlà, ṣùgbọ́n ìnfọ́ọ̀sì rẹ̀ kò dé títí di ọjọ́ 6 oṣù Kìíní. Ọjà ti wọ yàrá, ìwé kò tíì gbọ́. A ní láti kọ ọ́ sínú ọdún tó parí:

Dẹ́bíìtì: àkáǹtì ọjà, ₦60,000
Kírẹ́díìtì: àkáǹtì àwọn tí a jẹ lówó, ₦60,000

Nínú òróró, ìnfọ́ọ̀sì kan fi hàn pé oníbàárà kan gbé kẹ́ẹ̀gì 2 lọ láwìn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 31, tí akọ̀wé kò sì kọ ọ́ títí di ọjọ́ 2 oṣù Kìíní. Ọjà títà nìyẹn, ó sì ní apá méjì. Ṣọ́ọ̀bù tà á ní ₦66,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà:

Dẹ́bíìtì: àkáǹtì àwọn tó jẹ wá lówó, ₦132,000
Kírẹ́díìtì: àkáǹtì ọjà títà, ₦132,000

Dẹ́bíìtì: àkáǹtì owó ìrà ọjà tí a ti tà, ₦120,000
Kírẹ́díìtì: àkáǹtì ọjà, ₦120,000

Bí a bá ti kọ kẹ́ẹ̀gì méjì yìí sí àdánù, a ó pàdánù ₦120,000 nínú ìwé, a kò ní ka èrè ₦12,000 tó wà lórí wọn sí ọdún tó ni ín, a ó sì gbàgbé pé ẹnì kan jẹ wá ní ₦132,000. Ẹ rántí pẹ̀lú láti yọ títà yìí kúrò nínú ìwé oṣù Kìíní, kí ó má bàa wà níbi méjì.

Kẹ́ẹ̀gì 1 mìíràn wà tí ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù gbé lọ sílé fún ọdún Kérésìmesì. Kò sí ìwé kankan fún un. Ẹnu ẹni tó gbé e sínú ọkọ̀ ni wọ́n ti gbọ́. Ọ̀gá lè sọ pé òun ló ni ṣọ́ọ̀bù, pé kí ni ó kàn án láti kọ ọ́. Àmọ́ ọjà tí ẹni tó ni òwò kó jẹ kì í ṣe ìnáwó òwò, bí a bá sì pè é ní àdánù, a ti dín èrè kù lọ́nà tí kò tọ́:

Dẹ́bíìtì: àkáǹtì àyọlò olówò, ₦60,000
Kírẹ́díìtì: àkáǹtì ọjà, ₦60,000

Ti òwò tó dúró fúnra rẹ̀ bíi kọ́ńpìnnì yàtọ̀ díẹ̀. Níbẹ̀, ohun tí ọ̀gá gbé jẹ́ gbèsè tó jẹ kọ́ńpìnnì, àkáǹtì gbèsè tó wà ní orúkọ rẹ̀ ni a ó sì dẹ́bíìtì.

Nínú ṣúgà, àpò 1 ti rin nígbà tí wọ́n kó o dé ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìparí ọdún, wọ́n sì dá a padà lójú ẹsẹ̀. Ìwé ìdápadà tí awakọ̀ fọwọ́ sí wà nínú fáìlì, kò sì sí ẹni tó kọ ọ́ sórí káàdì. Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ fi ìwé àkáǹtì tí ẹni tó kó ṣúgà wá fi ránṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì rí i pé òun náà ti yọ owó rẹ̀ kúrò nínú gbèsè yín:

Dẹ́bíìtì: àkáǹtì àwọn tí a jẹ lówó, ₦75,000
Kírẹ́díìtì: àkáǹtì ọjà, ₦75,000

Lẹ́yìn èyí, àkáǹtì ọjà inú ìwé ti yí padà. ₦8,640,000 tí a fi ₦60,000 kún, tí a sì yọ ₦120,000, ₦60,000 àti ₦75,000 nínú rẹ̀, ó di ₦8,445,000. Kíkà tí a ti tún ṣe jẹ́ ₦8,061,000. Ohun tó kù láàárín wọn jẹ́ ₦384,000, ó sì gbọ́dọ̀ bá iye ọjà tí a kò rí ìdí rẹ̀ mu: kẹ́ẹ̀gì òróró 3 jẹ́ ₦180,000, àpò ṣúgà 2 jẹ́ ₦150,000, páálí mílíìkì 2 jẹ́ ₦54,000. Àpapọ̀ wọn jẹ́ ₦384,000. Bí ọ̀nà méjì yìí kò bá dé iye kan náà, ẹ má tíì kọ àdánù. Ìkọsílẹ̀ kan ti bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tí kò yẹ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: iye tí a ń ka ọjà tó dín sí

Owó ìrà ni a ń lò, kì í ṣe owó títà. Bí a bá ka kẹ́ẹ̀gì òróró 3 sí ₦66,000, àdánù yóò di ₦198,000, ₦18,000 inú rẹ̀ yóò sì jẹ́ èrè tí ẹnikẹ́ni kò tíì jẹ. Àkáǹtì ọjà kò gba èrè yẹn wọlé rí, nítorí náà kò lè tú u jáde.

Ìṣòro tó wà nínú owó ìrà ni pé kì í dúró sójú kan láàárín ọdún. Nínú kẹ́ẹ̀gì 64 tó yẹ kó wà nílẹ̀, 32 ni wọ́n rà ní ₦58,000, wọ́n sì ra 32 yòókù ní ₦62,000 nígbà tó yá. Bí ṣọ́ọ̀bù bá ń lo ìpíndọ́gba, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦60,000, ọ̀nà tí a sì ti ń lò láti òkè wá nìyẹn. Bí ó bá ń lo ọ̀nà tó ka ọjà tó kọ́kọ́ wọlé sí èyí tó kọ́kọ́ jáde, àwọn tó dín wá láti inú èyí tí a rà ní ₦58,000, àdánù òróró yóò sì jẹ́ ₦174,000 dípò ₦180,000. Ìlànà ìṣirò àgbáyé fún ọjà, IAS 2, gba ọ̀nà méjèèjì, ṣùgbọ́n kò gba èyí tó ka ọjà tó wọlé kẹ́yìn sí èyí tó kọ́kọ́ jáde. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ẹ má yí ọ̀nà padà nítorí àdánù. Ọ̀nà tí ẹ fi ṣírò ọjà tí ẹ tà láti oṣù Kìíní náà ni kí ẹ fi ṣírò èyí tó dín.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ kọ àdánù náà

IAS 2 kan náà sọ pé ọdún tí ọjà bá sọnù ni a ń ka àdánù rẹ̀ sí ìnáwó. Kò sí ààyè láti gbé e dúró di ọdún tó ń bọ̀ nítorí pé èrè ọdún yìí kò dára, kò sì sí ààyè láti pín in sí oṣù méjìlá. Ìkọsílẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni:

Dẹ́bíìtì: àkáǹtì àdánù ọjà tó dín, ₦384,000
Kírẹ́díìtì: àkáǹtì ọjà, ₦384,000

Ẹ kọ àlàyé sí abẹ́ rẹ̀ ní kíkún: òróró 3, ṣúgà 2, mílíìkì 2, nọ́ńbà ìwé kíkà, àti orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i. Ẹni tó ń ṣọ́ yàrá ìkójàsí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó fọwọ́ sí ìwé pé ọjà dín, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń kọ káàdì kò gbọ́dọ̀ ṣe é. Lẹ́yìn náà, ẹ tún káàdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe pẹ̀lú ọjọ́ kan náà. Àkáǹtì ọjà ti di ₦8,061,000 báyìí, iye yìí ni yóò sì wọ ìwé ohun-ìní òwò, òun náà ni ọjà ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025.

Ní ti ìwé èrè àti àdánù, mo fẹ́ràn kí àdánù yìí ní ìlà tirẹ̀ lábẹ́ owó ìrà ọjà tí a ti tà. Títà ọdún náà jẹ́ ₦95,700,000, nítorí náà ohun tó sọnù tó bíi ₦4 nínú ₦1,000 títà. Bí a bá pa á pọ̀ mọ́ owó ìrà, èrè yóò kàn dà bí ẹni pé ó fẹ́lẹ́ díẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní lè fi wé ti ọdún tó ń bọ̀.

Bí ẹ kò bá ní káàdì ọjà

Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kì í kọ ọjà tó ń jáde sílẹ̀. Wọ́n ń fi ọjà ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kún ọjà tí wọ́n rà, wọ́n ń yọ ohun tí wọ́n kà ní ìparí ọdún kúrò, ohun tó ṣẹ́ kù sì di owó ìrà ọjà tí wọ́n tà. Nínú ìṣirò yìí, ọjà tó dín ti wọnú owó ìrà fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó kọ ọ́. Ewu méjì ló wà níbẹ̀: ẹ lè má mọ̀ pé ohun kan sọnù, tàbí kí ẹ mọ̀, kí ẹ sì tún kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ká sọ pé ṣọ́ọ̀bù wa kò ní káàdì. Ọjà ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ ₦7,245,000, ọjà tí wọ́n rà, lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ èyí tí wọ́n dá padà àti èyí tí ọ̀gá gbé lọ, jẹ́ ₦88,200,000. Àpapọ̀ wọn jẹ́ ₦95,445,000. Bí a bá yọ ₦8,061,000 tí a kà kúrò, owó ìrà ọjà tí a tà yóò jẹ́ ₦87,384,000. Àmọ́ ₦10 ni ṣọ́ọ̀bù yìí ń lé lórí gbogbo ₦100 owó ìrà. Bí a bá pín títà ₦95,700,000 sí 1.1, owó ìrà tó yẹ kó wà lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ ₦87,000,000. ₦384,000 tó lé ni ọjà tó jáde láìmú owó wá.

Láti fi í hàn lọ́tọ̀, ẹ ó dẹ́bíìtì àkáǹtì àdánù ní ₦384,000, ẹ ó sì kírẹ́díìtì owó ìrà ọjà tí a ti tà ní iye kan náà. Ẹ má ṣe kírẹ́díìtì àkáǹtì ọjà, nítorí kíkà ti gbé e wá sí ₦8,061,000 tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá tún yọ nínú rẹ̀, ẹ ti ka àdánù kan lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀nà yìí kì í péye tó bí èrè orí ọjà bá yàtọ̀ síra, tàbí bí ẹ bá ń dín owó fún àwọn oníbàárà kan. Nígbà náà, ẹ ṣe é ní ẹ̀ka ọjà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì mọ̀ pé ìfojúdíwọ̀n ni.

Bí kọ̀ǹpútà ló ń tọ́jú ìwé yín

Ẹ má ṣe fi jọ́nà lásán yọ owó kúrò nínú àkáǹtì ọjà. Owó yóò dín, ṣùgbọ́n iye kẹ́ẹ̀gì inú àkójọ ọjà kò ní yí padà, méjèèjì kò sì ní bá ara wọn mu mọ́ láé. Iye ọjà ni kí ẹ tún ṣe, kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kọ owó. Nínú QuickBooks Online, ojú ìwé tí a ń lò ni `Inventory qty adjustment`. Ẹ fi ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá sí `Adjustment date`, nítorí bí ẹ bá fi ọjọ́ tí ẹ jókòó sídìí rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, àdánù yóò bọ́ sí ọdún tuntun. Àkáǹtì tó máa ń gbé wá fúnra rẹ̀ ni `Inventory Shrinkage`. Ẹ lè lò ó fún àdánù, ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì tí ọ̀gá gbé lọ ní láti lọ sí àkáǹtì àyọlò, kí ẹ sì fi ojú ìwé mìíràn kọ ọ́. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé ọ̀nà tó ka ọjà tó kọ́kọ́ wọlé sí èyí tó kọ́kọ́ jáde ni QuickBooks Online ń lò, nítorí náà ₦174,000 ni yóò kọ fún òróró 3 náà.

Nígbà tí ẹnì kan bá ní láti san án

Bí òṣìṣẹ́ kan bá jẹ́wọ́ pé òun ta kẹ́ẹ̀gì 1 tí òun kò sì san owó rẹ̀, tó sì fọwọ́ sí ìwé pé òun yóò san án, ẹ lè dẹ́bíìtì àkáǹtì gbèsè tó wà ní orúkọ rẹ̀ ní ₦60,000, kí ẹ sì kírẹ́díìtì àkáǹtì àdánù. Àdánù yóò di ₦324,000. Ìfura nìkan kò tó láti fi kọ gbèsè sọ́rùn ẹnikẹ́ni. Kí ẹ má sì yára fọwọ́ kan owó oṣù rẹ̀: abala 5 nínú Òfin Iṣẹ́ ti Nàìjíríà sọ pé kí agbanisíṣẹ́ tó lè yọ owó nítorí àdánù tí òṣìṣẹ́ fi ìwà àmọ̀ọ́mọ̀ hù tàbí àìbìkítà fà, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda ní ìwé lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ohun tí a ó sì yọ gbọ́dọ̀ mọ níwọ̀n.

Ti ilé iṣẹ́ adójútòfò kò yàtọ̀ púpọ̀. Bí ẹ bá ti kọ̀wé béèrè owó, tí wọn kò tíì dáhùn, àdánù ni ẹ ó kọ sílẹ̀ ní odindi rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá ti gbà pé àwọn yóò san, tí ó sì dájú, ni ẹ tó lè kọ ọ́ pé wọ́n jẹ yín lówó, kí ẹ sì kọ ọ́ lọ́tọ̀, kí ẹ má fi í bo àdánù mọ́lẹ̀.

Nígbà mìíràn ọjà a máa tún yọjú. Bí wọ́n bá rí àpò ṣúgà 1 ní ilé ìkójàsí kejì ní oṣù Kejì, kí ìwé ọdún 2024 tó di èyí tí a fọwọ́ sí, tí ó sì hàn gbangba pé ibẹ̀ ló wà láti oṣù Kejìlá, ẹ yí ₦75,000 padà nínú ìwé ọdún 2024: ẹ dẹ́bíìtì àkáǹtì ọjà, kí ẹ sì kírẹ́díìtì àkáǹtì àdánù. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí ìwé kí ó tó yọjú, tí owó náà sì kéré bí èyí, inú ọdún 2025 ni ẹ ó kọ ọ́ sí, pẹ̀lú àlàyé tó tọ́ka sí nọ́ńbà ìkọsílẹ̀ àdánù ti àkọ́kọ́.